Sísọ ojú ọ̀dọ́ di ojú arúgbó níbi eré: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń kun ojú òṣèré

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún àwọn tó ń kun ojú òṣèré fún fíìmù àti eré orí ìtàgé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn, níbi tí owó kì í ti í sábà tó láti ra ojú àtọwọ́dá tí wọ́n mọ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ni mo tẹnu mọ́ jù, ìyẹn rọ́bà olómi tí a ń tẹ̀ sára awọ tí a ti fà le, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí awọ ọ̀dọ́ hunjọ fúnra rẹ̀ láìná owó gọbọi. Bí a ṣe ń dá ọjọ́ orí padà sẹ́yìn wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn ibẹ̀ kò gùn, nítorí pé ohun tí ìkunjú lè ṣe níbẹ̀ kò pọ̀.

Níbo gan-an ni ọjọ́ orí ti máa ń hàn lójú ènìyàn dúdú?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, wọn a fa ìlà mẹ́ta síbẹ̀, wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Èròjà tó sọ awọ wa di dúdú máa ń dí díẹ̀ nínú ìpalára oòrùn lọ́nà, nítorí náà ìhunjọ wẹ́wẹ́ máa ń pẹ́ kí ó tó yọ lójú wa ju bí ó ṣe ń yọ lójú àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí ẹ bá ń wo àwòrán arúgbó òyìnbó láti fi kọ́ṣẹ́, ẹ ó máa fi ìlà wẹ́wẹ́ kún ojú tí kò yẹ kí ó ní i, ẹ ó sì gbàgbé ohun tó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ yí padà lójú àwọn àgbà wa ni ẹran abẹ́ awọ. Ọ̀rá tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró máa ń dínkù, ó sì máa ń wálẹ̀; ihò a wà lábẹ́ ojú, àpò kékeré a so lábẹ́ ihò náà, kòtò tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu a jinlẹ̀, ẹran eteetí àgbọ̀n a sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà àgbọ̀n kò ní tọ́ mọ́. Bí eyín bá ti yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wọlé, ètè a sì tínrín. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tí kì í dunni, tí wọ́n máa ń yọ ní òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀pọ̀ àgbà wa, àti àwọ̀ ara tí kò dọ́gba mọ́: ẹ̀bátí àti abẹ́ ojú a dúdú ju àárín ojú lọ. Àwọn kókó dúdú wọ̀nyẹn ni mo kà sí àmì tí àwọn akunjú wa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú wọn, tí a tò láìdọ́gba, lè ṣe ju ìlà ogún lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa kí ó lọ jókòó ní Ọjà Akẹ̀sán ní àárọ̀, kí ó kí àwọn ìyá àti bàbá tó ń tajà, kí ó sì rọra wo bí ojú wọn ṣe ń yí padà nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín àti nígbà tí wọ́n bá dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ ya àwòrán, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù dúdú fa ìlà sójú òṣèré. Kí ló dé tí kì í jọ ìhunjọ gidi?

Nítorí pé ìhunjọ kì í ṣe ìlà. Kòtò ni, kòtò náà sì ní ẹ̀gbẹ́ tó ṣú àti ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀, ó sì máa ń jìn tàbí kí ó rọ̀ bí ẹni náà ti ń sọ̀rọ̀. Ìlà tí a fà kì í yí padà rárá. Bí òṣèré náà bá rẹ́rìn-ín, ìhunjọ tirẹ̀ gan-an a yọ síbòmíràn, ìlà tí ẹ fà a wà níbi tí ẹ fi í sí, ẹni tó ń wò ó a sì rí ojú méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ìtàgé bá jìnnà sí àwọn tó ń wòran, ìkunjú tí a fi àwọ̀ nìkan ṣe lè tó. Ẹ jẹ́ kí òṣèré fún ojú pọ̀, kí ẹ rí ibi tí ìhunjọ tirẹ̀ máa ń gbà, kí ẹ sì tẹ̀ lé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà, pàápàá ti fóònù tí wọ́n ń lò báyìí, kò ní gba irú rẹ̀ bí ó bá ti súnmọ́ ojú.

Kí ni rọ́bà olómi yìí, irú wo ni kí n má lò?

Oje igi rọ́bà ni, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì fi amóníà sí kí ó má baà dì. Ó funfun bí wàrà nínú ìgò, bí omi inú rẹ̀ bá sì ti gbẹ, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń nà ni yóò kù. Amóníà ló ń fún un ní òórùn gbígbóná yẹn, òun náà ló sì ń mú kí ojú ta; nítorí náà, ẹ máa ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí òṣèré sì di ojú nígbà tí ẹ bá wà nítòsí rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe fún awọ ènìyàn nìkan ni kí ẹ rà, ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà kò sí lára rẹ̀, nítorí pé kẹ́míkà tó ń mú un gbẹ lè bó awọ. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, tí mo mọ̀ pé àwọn kan ń lò nítorí pé ó jọ ọ́, máa ń le koko, a máa fa irun tìn-ín-rìn ojú tu, kò sì ní tẹ̀ lé awọ bí ó ti ń lọ bí ó ti ń bọ̀. Oje tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lára igi ní oko rọ́bà náà kò yẹ fún ojú ẹnikẹ́ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ara òṣèré kò kọ̀ ọ́?

Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó ṣí ìgò. Ẹ bi í bóyá bàlúùnù tàbí ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti mú ara yún un rí, kí ẹ sì bi í bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀, píà tàbí ìbẹ́pẹ ń mú ẹnu yún un, nítorí pé ara tó bá kọ rọ́bà máa ń kọ àwọn èso wọ̀nyí nígbà mìíràn. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí, ẹ má lò ó fún un.

Bí ó bá sì dáhùn pé rárá, ẹ tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ sí ìtẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú iṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ sì wo ibẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi pé. Yíyún, wíwú tàbí kókó lele tó sú jáde túmọ̀ sí pé ara kọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, tàbí tí ètè rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi omi tútù ṣeré. Mo mọ̀ pé àwọn olùdarí eré kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú, ṣùgbọ́n ibi tí mi ò ti í gbà fún wọn nìyí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin ẹni ọdún 29 kan, tó dúdú dáadáa, tó fẹ́ ṣe bàbá àgbẹ̀ kajú ẹni ọdún 72 ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Kí a tó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó yẹ kí a ti mọ irú ìgbé ayé tí bàbá náà gbé. Àgbẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fún ojú sí oòrùn máa ń ní ìhunjọ tó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Fìlà rẹ̀ bo ìdajì iwájú orí, nítorí náà a kò ní fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Ó tín-ín-rín, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò wọlé dípò kí ó rọ̀ wálẹ̀. Ìpinnu mẹ́ta yìí ti sọ ibi tí a ó ti ṣiṣẹ́ fún wa: ẹ̀gbẹ́ ojú, abẹ́ ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́.

Òṣèré náà yóò fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí amóníà má baà ta ojú abẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú rẹ̀ kí òróró kankan má kù, nítorí rọ́bà kì í di ara olóròóró mú. Ìdí kan náà ni ẹ ó fi fi fasilíìnì pa irun òkè ojú, eteetí irun orí àti irun ìpéǹpéjú: ibi tí a bá ti fi òróró sí ni rọ́bà kò ní lẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí fasilíìnì náà kọjá irun bọ́ sí awọ.

Ẹ bu rọ́bà díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, kí ẹ sì dé ìgò padà kíákíá. Fóòmù ìkunjú tí ẹ ti fi ọwọ́ já eteetí rẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí pé eteetí tí wọ́n fi abẹ gé máa ń fi ojú ìlà rẹ̀ sílẹ̀. Apá ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì parí rẹ̀ kí ẹ tó mú òmíràn.

Òfin tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé ẹ ó fa awọ ní ìdábùú ibi tí ẹ fẹ́ kí ìhunjọ gbà. Ìhunjọ ẹ̀gbẹ́ ojú máa ń nà láti igun ojú lọ sí ìhà etí; nítorí náà, ẹ fi ìka méjì fa awọ ibẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Fún abẹ́ ojú, kí òṣèré di ojú, kí ẹ sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀. Fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó fẹ́ atẹ́gùn kún ẹnu, kí olùrànlọ́wọ́ yín sì fa awọ lọ sí ìhà etí. Fún òkè ètè, kí ó ya ẹnu gbọọrọ bí ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Fún ọrùn, kí ó gbé orí sẹ́yìn.

Nígbà tí awọ bá ti le, ẹ fi fóòmù tẹ rọ́bà síbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má pa á, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ fi díráyà irun gbẹ ẹ́, kí ó wà lórí atẹ́gùn tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ má sì tíì tú awọ sílẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti gbẹ nígbà tí funfun wàrà náà bá ti lọ tán. Ẹ wá fi pàùdà kùn ún, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó tú awọ sílẹ̀, yóò sì hunjọ lójú yín. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ láìfi pàùdà sí i, rọ́bà yóò lẹ̀ mọ́ rọ́bà, gbogbo ibẹ̀ yóò sì di ìṣẹ́po ńlá kan tí kò ṣeé tú.

Ìpele kan kì í tó fún ẹni ọdún 72 yìí. Ẹ tún fa awọ náà, kí ẹ tẹ ìpele kejì, àti ìkẹta ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kí ìhunjọ jìn gan-an, ẹ ya tíṣù kó ku ìpele kan ṣoṣo, ẹ já a sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sáàárín rọ́bà méjì. Bí ẹ ti ń sún mọ́ òpin ibi tí ẹ ń ṣe, kí rọ́bà máa fẹ́lẹ́ sí i, kí ìpele òkè má sì dé ibi tí ti ìsàlẹ̀ dé, nítorí pé eteetí tó nípọn ni kámẹ́rà kọ́kọ́ máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi rọ́bà sí orí ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀.

Gbogbo èyí yóò gba nǹkan bí wákàtí méjì lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, àwọ̀ kò sì tíì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí rọ́bà gbẹ, ojú òṣèré mi funfun bí ẹni tó fi eérú pa ara. Kí ni mo ṣe?

Ẹ kò ṣe ohun tí kò yẹ. Bí rọ́bà ti rí nìyẹn. Ó máa ń gbẹ sí àwọ̀ yẹ́lò tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kò sì hàn púpọ̀ lára aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú a di eérú. Pàùdà funfun tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lára tún máa ń dá kún un. Ẹ lo pàùdà tó bá àwọ̀ òṣèré mu, kí ẹ sì ro àwọ̀ olómi búráùn díẹ̀ mọ́ rọ́bà kí ẹ tó lò ó. Ẹ rántí pé àwọ̀ náà yóò ṣú ju bí ẹ ṣe rí i nínú abọ́ lọ nígbà tí funfun wàrà bá lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn náà ni ìkunjú gan-an. Ìpara tí wọ́n fi òróró tó wá láti ara epo rọ̀bì ṣe máa ń jẹ rọ́bà, a máa rọ̀ ọ́, a sì máa ṣí i kúrò lára. Èyí tí wọ́n fi òróró làrà ṣe ni ó bá rọ́bà mu, àwọn tó sì ń ta ohun èlò ìkunjú fíìmù mọ̀ ọ́n. Ẹ fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ ní àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ra, kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé awọ àgbà kì í ní àwọ̀ kan.

Fún òjìji inú kòtò, ẹ má lo dúdú, ẹ má sì lo àwọ̀ eérú. Búráùn tó ṣú gidigidi tó sì ní pupa nínú ni òjìji ara wa. Fún ibi tó mọ́lẹ̀, ẹ má lo funfun. Ẹ lo búráùn tó ní yẹ́lò nínú, tó fi ìwọ̀n méjì péré mọ́lẹ̀ ju ara òṣèré lọ. Lára bàbá àgbẹ̀ wa, òjìji yóò wà lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, nínú ihò abẹ́ ojú, ní ẹ̀bátí àti ní ẹ̀gbẹ́ iṣan ọrùn méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ yóò wà lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí àpò abẹ́ ojú àti lórí iṣan ọrùn náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ sí òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí òmíràn tóbi díẹ̀ ju òmíràn lọ.

Ewú ńkọ́? Pàùdà ni a máa ń bù sí i lórí.

Pàùdà máa ń gbọ̀n sílẹ̀ sórí èjìká, bí òṣèré bá sì dọ̀bálẹ̀, eruku a dìde lórí rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń ṣe irùngbọ̀n lórí ìtàgé láyé àtijọ́ ṣeé gbà láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n lójú kámẹ́rà, òwú ni yóò máa jẹ́.

Àwọ̀ olómi funfun tí wọ́n ṣe fún irun tàbí fún ara ni kí ẹ lò. Funfun lásán lórí irun dúdú máa ń ya sí àwọ̀ búlúù nínú fíìmù, nítorí náà ẹ fi yẹ́lò tàbí búráùn tín-ín-rín sí i. Lórí irun tí a gé mọ́lẹ̀, ẹ fi fóòmù tó ní ihò tẹ̀ ẹ́ sí orí irun nìkan, kí ó má kan awọ orí. Irun òkè ojú àti irùngbọ̀n ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kùn, kí ẹ sì máa ti búrọ́ọ̀ṣì náà sí òdìkejì ibi tí irun kọ orí sí. Kí irun díẹ̀ funfun, kí èyí tó kù dúdú.

Ewú kì í bo gbogbo orí lẹ́ẹ̀kan. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ẹ̀bátí àti àgbọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́gun. Bàbá tiwa dé fìlà, èyí tó hàn kò ju ẹ̀bátí àti ẹ̀yìn orí lọ, ibẹ̀ nìkan ni a ó sì kùn, àyàfi bí eré bá ní kí ó ṣí fìlà nígbà tó ń kí ọba. Ẹ ka eré tán kí ẹ tó pinnu. Fún obìnrin tó wé gèlè, eteetí iwájú orí àti ẹ̀bá etí ti tó.

Ṣé ó yẹ kí bàbá arúgbó ọmọ Ọ̀yọ́ ní ilà ojú?

Ó lè ní i, kì í ṣe dandan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà fún ọmọdé léèwọ̀, kíkọ ọ́ sì ti dínkù púpọ̀ kí òfin náà tó dé, nítorí náà ilà lójú ẹni ọdún 20 nínú eré òde òní yóò ya àwọn tó ń wòran lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹni ọdún 72. Àbàjà, gọ̀mbọ́ tàbí pélé tí wọ́n kọ sí ọmọ jòjòló lójú ti bá ojú náà dàgbà: ó ti nà, ó ti fẹ̀, ó sì ti parẹ́ níbòmíràn. Bí ẹ bá fi rúlà fa a kí ó tọ́ gbọnrangandan, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ kùn ún lẹ́yìn gbogbo àwọ̀, ẹ fi òjìji sí eteetí òkè rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí eteetí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì já a níbi tí ìhunjọ bá ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ bi àwọn àgbà ìdílé léèrè irú èyí tó yẹ ẹni tí eré ń sọ, nítorí pé àwọn tó ń wòran ní Ọ̀yọ́ yóò kà á.

Ọwọ́ ńkọ́?

Kí ó di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ tẹ rọ́bà sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà, kí ó gbẹ, kí ẹ fi pàùdà sí i, kí ó tó ya ọwọ́. Ẹ fi òjìji sáàárín àwọn egungun rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀dọ́ tó gbé ife omi sí ẹnu arúgbó ni ó ń tú àṣírí jù nínú àwọn fíìmù wa.

Bí a ti ń ya fíìmù lọ, kí ni ó máa ń bàjẹ́, báwo ni mo ṣe máa tètè rí i?

Ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Òógùn máa ń kó jọ lábẹ́ rọ́bà òkè ètè, jíjẹ àti mímu a sì dá kún un, títí eteetí rẹ̀ yóò fi dìde bí èèpo. Ẹ máa wo igun ẹnu nígbàkígbà tí wọ́n bá dá kámẹ́rà dúró. Bí ó bá ti ṣí díẹ̀, ẹ gbẹ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi rọ́bà bíńtín tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì tún àwọ̀ ibẹ̀ ṣe. Bí ó bá ti ya wọ inú, ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ já ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì tún un ṣe. Lílẹ orí èyí tó ti ya kì í pẹ́. Èmi kì í fi rọ́bà sí òkè ètè òṣèré tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, àwọ̀ nìkan ni mo máa ń lò níbẹ̀.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ojú tí a kùn nínú yàrá lábẹ́ gílóòbù lè jọ gidi, kí ó sì di rọ́bà pátápátá ní gbangba ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹ gbé òṣèré jáde sí ibi tí wọn yóò ti ya á gan-an, kí ẹ fi kámẹ́rà tí wọn yóò lò wò ó ní ìsúnmọ́, níwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ojú bá ń dán, pàùdà ni ó kù; bí ó bá gbẹ jù tó sì ń ṣe eérú, ẹ fi fóòmù tó ní omi díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi òróró làrà bíńtín sí orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ pa àwòrán wọ̀nyẹn mọ́, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe ro àwọ̀ pọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá máa ya apá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kókó dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí òsì.

Báwo ni a ṣe ń yọ ọ́?

Ẹ má fà á bí ẹni ń bó ọsàn. Aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi rọ eteetí rẹ̀, kí ẹ wá máa fi òróró ìpara sí abẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣí. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ irun, òróró ni kí ẹ fi sí i kí ẹ sì ní sùúrù. Lẹ́yìn náà, kí ó fọ ojú, kí ó sì para. Ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹ jẹ́ kí awọ náà sinmi ní ọjọ́ kan kí ẹ tó tún fi òmíràn sí i, nítorí pé awọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ máa ń tètè bó.

Ṣé a lè fi ìkunjú sọ àgbà di ọ̀dọ́?

Díẹ̀. A lè fi kún ojú, a kò lè yọ kúrò. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tó wà ní ìkáwọ́ wa, mo kà ọdún mẹ́wàá sí òpin rẹ̀. Bí eré bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ọmọ tó jọ ọ́.

Fún ìyá ẹni ọdún 50 tí a fẹ́ kí ó jọ ẹni 40, gèlè ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi téèpù ìlẹ̀-ojú-egbò tín-ín-rín sí ẹ̀bátí, níwájú etí níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ti so okùn mọ́, ẹ fa okùn méjèèjì sẹ́yìn orí, ẹ so ó, kí ẹ wá wé gèlè lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹran àgbọ̀n yóò gòkè díẹ̀. Bí igun ojú bá ti ń gùn lọ sókè, tàbí tí ìlà ìfà bá hàn níwájú etí, ó ti le jù. Fún ọkùnrin, fìlà abetí-ajá lè bò ó bákan náà.

Abẹ́ ojú tó ṣú kì í gba ìpara tó mọ́lẹ̀ lásán, eérú ni yóò dà. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ ọsàn tó pọ́n pa ṣíṣú náà, kí ẹ tó fi àwọ̀ ara bò ó. Ẹ fi búráùn tó ṣú kún ibi tí irun iwájú orí ti fẹ́lẹ́, ẹ pa ewú rẹ́ ní dúdú tó ní búráùn nínú, kí ọkùnrin sì fá irùngbọ̀n mọ́. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tan iná: ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, tó ti iwájú wá ní ọ̀gbọọgba ojú, pẹ̀lú aṣọ funfun tí a tẹ́ sísàlẹ̀ àgbọ̀n láti dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, máa ń kún kòtò tí ìkunjú kò lè dí. Ìmọ́lẹ̀ tó ti òkè wá yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Òṣèré kan náà ni yóò ṣe ọ̀dọ́ àti arúgbó lọ́jọ́ kan. Èwo ni kí a kọ́kọ́ yà?

Ti ọ̀dọ́ ni, ní àárọ̀. Yíyọ rọ́bà máa ń jẹ́ kí awọ wú díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ìwú náà sì máa ń hàn lábẹ́ ojú, níbi tí ẹ kò fẹ́ kí ó ti hàn lójú ọ̀dọ́. Bí olùdarí bá ní dandan ni kí ti arúgbó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ó ya ti arúgbó ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fi ti ọ̀dọ́ sí ọjọ́ kejì.